Yúníìtì 25 lóṣù fún yàrá tó ń gbóná: sílíìn fáànù, sítándìn fáànù, àbí éésì?

ÌBÉÈRÈ: Òkun o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kábà ni à ń gbé. Yàrá wa jẹ́ fíìtì 12 sí 12, páànù ló wà lókè, sílíìn rọ́bà ló wà lábẹ́ rẹ̀, fèrèsé kan ṣoṣo tó ní sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Láti oṣù kejì títí di oṣù kẹrin, ooru kì í jẹ́ ká sùn. Iná ₦5,000 ni agbára mi ká lóṣù, ó máa ń fún mi ní nǹkan bíi yúníìtì 70. Alẹ́ ni iná máa ń wà, láti bí aago méje títí di ìdájí. Ṣé sílíìn fáànù ni kí n rà ni, àbí sítándìn fáànù, àbí kí n máa tọ́jú owó fún éésì kékeré tí ìyàwó mi ń wí?

ÌDÁHÙN: Òkun o. Sítándìn fáànù onínṣì 16 ni kí ẹ rà. Lóòótọ́, òun ló ń jẹ iná kéré jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ìdí mìíràn wà tó tún lágbára ju ìyẹn lọ. Òun nìkan lẹ lè gbé lọ sójú fèrèsé nírọ̀lẹ́ láti fi lé ooru jáde, tí ẹ ó sì tún gbé padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì nígbà tí oorun bá dé. Nínú irú yàrá tí ẹ sọ yìí, iṣẹ́ ojú fèrèsé yẹn gan-an ló máa jẹ́ kí ẹ sùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo owó. Nínú yúníìtì 70, fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù, fóònù àti áyọ́ọ̀nù á ti mú tiwọn. Ká ní wọ́n mú 45, ó ku 25 fún yàrá. Ẹ pín 25 sí ọgbọ̀n alẹ́, ẹ ó rí i pé ó fi díẹ̀ ju yúníìtì 0.8 lọ lálẹ́ kan. Bí ẹ bá ń sùn fún wákàtí 9, ohun tó bá ń jẹ ju nǹkan bíi wáàtì 90 lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ òru dópin ti kọjá agbára yín nìyẹn. Sítándìn fáànù onínṣì 16 máa ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 55 bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ dé nọ́ńbà 3. Fún wákàtí 9 lálẹ́, yúníìtì 15 ló máa jẹ lóṣù, bíi ₦1,070 nínú owó yín. Sílíìn fáànù onínṣì 56 tí ó wọ́pọ̀ lọ́jà ń jẹ bíi wáàtì 75. Ìyẹn jẹ́ yúníìtì 20, bíi ₦1,450. Méjèèjì wọ inú owó tí ẹ mú wá.

Éésì ni kò wọ̀ ọ́. Họ́ọ̀sìpáwà 1 tí kì í ṣe ínfátà ń jẹ bíi wáàtì 900 nígbà tí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Bí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ bá ṣiṣẹ́ fún wákàtí 6 péré nínú 9, yúníìtì 5.4 ti lọ lálẹ́ kan ṣoṣo, ó sì di 162 lóṣù. Ìyẹn ju ìlọ́po méjì gbogbo iná tí ilé yín ń rà lọ. Àwọn tó ń tà á á sọ fún yín pé ti ínfátà kò jẹ iná. Ó ń jẹ ẹ́. Ó kàn jẹ́ pé ó máa ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí yàrá bá ti tutù. Yàrá tí páànù rẹ̀ ṣì ń tú ooru sínú sílíìn kò ní jẹ́ kó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Bí ẹ bá fi wáàtì 450 ṣe ìdáméjì rẹ̀, yúníìtì 120 náà ló máa bá oṣù lọ.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ooru yẹn ti ń wá, torí ibẹ̀ ni ìpinnu wà. Fáànù kì í mú yàrá tutù rárá. Mọ́tò inú rẹ̀ gan-an ń fi ooru díẹ̀ kún ti tẹ́lẹ̀. Òógùn ara yín ni atẹ́gùn rẹ̀ ń gbẹ, gbígbẹ òógùn yẹn ló sì ń mú ara tutù. Nítorí náà, fáànù tí ẹ tàn sílẹ̀ nínú yàrá tí kò séèyàn, owó lásán ló ń jẹ, àfi bí ó bá wà lójú fèrèsé bí mo ṣe máa ṣàlàyé. Bákan náà, bí afẹ́fẹ́ yàrá bá ti gbóná ju ara èèyàn lọ, atẹ́gùn fáànù á máa gbé ooru wá bá yín ni. Àjọ ìlera àgbáyé ní bí ó bá ti ju dígírì 40 lọ, fáànù kò wúlò mọ́. Lóru, yàrá kì í sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án oṣù kẹta lábẹ́ páànù, ó ṣeé ṣe kó súnmọ́ ọn, ọmọ kékeré kò sì yẹ kó sùn níbẹ̀ nígbà náà, fáànù ì báà máa fẹ́ lé e lórí.

Lálẹ́, nǹkan méjì ló ń dà yín láàmú. Èkínní ni páànù. Ó ń mu oòrùn látàárọ̀, afẹ́fẹ́ tó wà láàárín òun àti sílíìn ń gbóná, sílíìn rọ́bà tó fẹ́lẹ́ sì ń jẹ́ kí ooru náà sọ̀ kalẹ̀ sórí yín. Èkejì ni ògiri búlọ́ọ̀kù ìhà ìwọ̀ oòrùn. Páànù kì í tọ́jú ooru pẹ́. Bí oòrùn bá ti wọ̀, ó ti ń tutù. Ṣùgbọ́n ògiri á ṣì máa tú tirẹ̀ sílẹ̀ títí wọ òru, ìdí nìyẹn tí èèyàn fi máa ń rò pé aago mẹ́wàá alẹ́ burú ju aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ lọ nínú yàrá bẹ́ẹ̀.

Ẹ lè mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì láì lo ẹ̀rọ kankan. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ gun àga, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ kan sílíìn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ fi kan ògiri ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ sì fi kan ògiri tó kọjú sí pálọ̀. Bí sílíìn bá gbóná ju ògiri pálọ̀ lọ, òkè ni wàhálà yín ti ń wá. Bí ó bá jẹ́ pé ògiri ìwọ̀ oòrùn ló gbóná, ẹ gbé orí bẹ́ẹ̀dì kúrò lára rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, kí ó jìnnà tó fíìtì 2 ó kéré tán. Ọ̀fẹ́ nìyẹn, ó sì yẹ kẹ́ ẹ ṣe é kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ìdánwò àtẹ́lẹwọ́ yìí ló jẹ́ kí n fi sílíìn fáànù sẹ́yìn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, abẹ́ sílíìn ló máa ń kóra jọ sí. Sílíìn fáànù ń fa afẹ́fẹ́ láti òkè orí rẹ̀, ó sì ń tì í wálẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Bí òkè bá tutù, ó dáa gan-an, torí atẹ́gùn rẹ̀ máa ń kárí ẹni mẹ́ta tó sùn pa pọ̀ ju ti sítándìn fáànù lọ. Bí òkè bá ń jó, ohun tí ẹ ń sá fún ló ń bù wá bá yín. Ẹ ti gbọ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé fáànù àwọn ń fẹ́ iná. Fáànù wọn kò bàjẹ́ o.

Bí ẹ ṣe máa lo sítándìn fáànù nìyí. Láti nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ẹ ti fèrèsé ìwọ̀ oòrùn, kí ẹ sì dí oòrùn lọ́wọ́ láti ìta bí ó bá ṣeé ṣe, ì báà jẹ́ ẹní, imọ̀ ọ̀pẹ tàbí páànù kékeré tí wọ́n kàn yọ síta lókè rẹ̀. Kọ́tìnì inú ilé kò tó, torí oòrùn ti wọlé kó tó bá a, kọ́tìnì náà á gbóná, á sì máa tú ooru sí yàrá. Bí iná bá dé ní aago méje, ẹ jáde síta kí ẹ wò ó bóyá ìta ti tutù ju yàrá lọ. Ara yín á sọ fún yín lójú ẹsẹ̀. Ní Kábà, tó jẹ́ pé òkè ló yí wa ká, ìta máa ń tètè tutù lóru ju inú ilé búlọ́ọ̀kù lọ. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí fèrèsé yàrá pátápátá, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yàrá, ẹ sì ṣí fèrèsé pálọ̀ tó wà ní ìhà ìlà oòrùn.

Ẹ wá gbé fáànù sí iwájú fèrèsé yàrá, kí ó fi nǹkan bíi fíìtì 2 jìnnà sí i, kí ojú rẹ̀ kọ sí ìta. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ sí yàrá. Mo mọ̀ pé ó máa ń dà bí ìṣìnà lójú àwọn tó kọ́kọ́ rí i. Ògiri àti ilẹ̀ ìta lápá ìwọ̀ oòrùn ṣì gbóná lásìkò yẹn, bí ẹ bá fẹ́ afẹ́fẹ́ ibẹ̀ wọlé, ooru lẹ gbà lálejò. Bí fáànù bá ń lé afẹ́fẹ́ jáde, òmíràn gbọ́dọ̀ wọlé rọ́pò rẹ̀, ìhà ìlà oòrùn tí oòrùn ti kúrò níbẹ̀ láti ọ̀sán ni yóò sì gbà wọlé, nípasẹ̀ pálọ̀. Kò yẹ kí fáànù lẹ̀ mọ́ fèrèsé, torí bí ó bá sún sẹ́yìn díẹ̀, atẹ́gùn rẹ̀ á gbòòrò kún ojú fèrèsé, á sì fa afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, afẹ́fẹ́ á gba àárín jáde, á sì tún gba ẹ̀gbẹ́ padà wọlé.

Ẹ fi fọ́nrán òwú tàbí tíṣù tẹ́ẹ́rẹ́ kọ́ sí ẹnu ọ̀nà yàrá láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń fì wọ inú yàrá, ọ̀nà ti là. Bí ó bá dúró jẹ́ẹ́, ibì kan ló dí: bóyá ẹ kò ṣí fèrèsé pálọ̀, tàbí nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ti kún fún eruku ọyẹ́ láti oṣù kìíní. Nẹ́ẹ̀tì tí eruku dí dà bí ògiri, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Fèrèsé tí wọ́n ń wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè ṣí ju ìdajì lọ, nítorí náà ẹ fojú fáànù sí apá tó ṣí yẹn gan-an.

Ẹ jẹ́ kí fáànù wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì, bóyá láti aago méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti pààrọ̀ afẹ́fẹ́ yàrá fíìtì 12 sí 12, àmọ́ bí ẹ bá pa á nígbà náà, ooru ògiri á tún gbóná afẹ́fẹ́ tuntun yẹn kíákíá. Ògiri lẹ ń dúró dè. Wákàtí méjì yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ ju yúníìtì 3.3 lọ lóṣù. Ẹ fi kún 15 àkọ́kọ́, ó ṣì ku ju yúníìtì 6 lọ nínú 25 yín. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn, ẹ yí fáànù sí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ sì jẹ́ kí fèrèsé ṣì wà ní ṣíṣí lẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì.

Ìkìlọ̀ kan wà tí mi ò ní fi ṣeré. Bí jẹnẹrétọ̀ yín tàbí ti ará ilé kejì bá ń ṣiṣẹ́ lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ẹ má ṣe èyí rárá. Fáànù á fa èéfín rẹ̀ wọ yàrá tí ẹ ń sùn sí. Gáàsì tó ń pani nínú èéfín yẹn kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun. Bákan náà, bí ẹnikẹ́ni bá ń fi èédú dáná nítòsí ibẹ̀, ẹ dúró dìgbà tó bá parí.

Àwọn kan á ní kí ẹ fi aṣọ tútù kọ́ síwájú fáànù. Ó dáa nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, bí ìparí ọyẹ́. Nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ ní oṣù kẹrin, afẹ́fẹ́ ti lómi nínú tẹ́lẹ̀, aṣọ tútù á tún fi kún un, òógùn yín kò sì ní gbẹ mọ́.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ni ohun mìíràn tí kì í jẹ́ kí àwọn èèyàn gbádùn fáànù. Nẹ́ẹ̀tì ń gba apá tó pọ̀ nínú atẹ́gùn, ẹ kò sì gbọdọ̀ torí ìyẹn sùn láìta á. Fún sítándìn fáànù, ọ̀nà wà: ẹ gbé e súnmọ́ bẹ́ẹ̀dì tó bíi fíìtì 3 sí 4, kí orí rẹ̀ ga díẹ̀ ju fóòmù lọ, kí ó máa fẹ́ láti ìhà ẹsẹ̀ sí àyà, kí nẹ́ẹ̀tì sì wọ abẹ́ fóòmù dáadáa kó má bàa fò lọ kan fáànù. Sílíìn fáànù kò ṣeé sún.

Ẹ má gba iye wáàtì tó wà lára páálí gbọ́ láìdán an wò. Mítà yín lè sọ òótọ́ fún yín. Iná pupa kékeré kan wà lára rẹ̀ tó máa ń ṣẹ́jú, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bóyá `1000 imp/kWh` tàbí `1600 imp/kWh`, tàbí nọ́ńbà mìíràn. Ẹ pa gbogbo nǹkan inú ilé, títí kan fíríìjì. Ẹ tan fáànù nìkan, kí ẹ ka iye ìgbà tí iná náà ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú 10. Lẹ́yìn náà:

```
wáàtì = iye ìgbà tí iná ṣẹ́jú × 6000 ÷ nọ́ńbà imp
```

Lórí mítà 1000, fáànù wáàtì 55 máa ṣẹ́jú ní bí ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án. Bí ẹ bá ka mẹ́rìnlá, fáànù tí wọ́n pè ní 55 fún yín ń jẹ ju 80 lọ nìyẹn. Éésì wáàtì 900 máa ṣẹ́jú bí ìgbà 15 ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Bí iná bá ṣì ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ ti pa gbogbo nǹkan, àlejò wà lórí wáyà yín, ẹ wá a kàn.

Fóltéèjì tún jẹ́ ẹjọ́ mìíràn fún éésì. Ládùúgbò tó jìnnà sí tìráńsífọ́mà, ó lè sọ̀ kalẹ̀ sí 170 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ nígbà tí gbogbo ilé bá tan iná nírọ̀lẹ́. Ní irú àkókò yẹn, fáànù á kàn máa yí pẹ̀lẹ́. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ éésì ni kò ní lè tají. Ẹ ó gbọ́ tí ó ń kùn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, á dáké, á tún kùn. Gbogbo ìgbà tó bá kùn bẹ́ẹ̀ ló ń fa iná púpọ̀ gba inú kọ́ìlì, títí kàpásítọ̀ tàbí kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á fi jó. Nítorí náà, bí màdáámù bá tún mẹ́nu bà á, ẹ sọ fún un pé nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ wà ṣáájú éésì: fóltéèjì tí kì í sábà sọ̀ kalẹ̀ ju 200 lọ lálẹ́, sílíìn tí kò gbóná mọ́, àti agbára láti fi ó kéré tán yúníìtì 100 kún ohun tí ẹ ń rà.

Ní ti sílíìn fáànù, bí ẹ bá ti tún òkè ṣe, ẹ lè rà á. Títún òkè ṣe ni kí káfíńtà ṣí ojú ihò sí abẹ́ etí òrùlé níhà méjèèjì, kí ó fi nẹ́ẹ̀tì dí i nítorí àdán, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba orí sílíìn kọjá. Ẹ kun páànù ní ọ̀dà funfun tó wà fún òrùlé bí owó bá wà. Kí apá fáànù jìnnà sí sílíìn tó fíìtì kan, kó sì ga ju fíìtì 7 lọ láti ilẹ̀. Igi òrùlé ni kí wọ́n fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́, rọ́bà kò lè gbé e. Ẹ tún fọwọ́ kan régúlétọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan ní nọ́ńbà 1: bí ó bá gbóná, iná tí ẹ rò pé ẹ ń dá dúró, inú rẹ̀ ló ń jó sí.

Fún èyí tí ẹ fẹ́ rà báyìí, ẹ ní kí wọ́n tàn án fún yín ní ṣọ́ọ̀bù fún bí ìṣẹ́jú 15. Orí mọ́tò lè lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbọdọ̀ gbóná débi tí ọwọ́ kò fi lè dúró lé e. Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, bí ó bá ń kùn láìyí àfi tí ẹ bá fi igi tì í, tàbí tí nọ́ńbà 3 rẹ̀ di bíi nọ́ńbà 1 tẹ́lẹ̀, àyẹ̀wò méjì ló wà. Ẹ yọ iná, kí ẹ fọwọ́ yí apá rẹ̀: bí ó bá wúwo, eruku àti òróró tó gbẹ ló wà nídìí rẹ̀, ẹ nù ún kí ẹ kán epo máṣíìnì ìránṣọ sí i. Bí ó bá yí fẹ́rẹ́, kàpásítọ̀ rẹ̀ ló ti rẹ̀, kí ẹ ra irú nọ́ńbà µF tó wà lára ti àtijọ́ gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá kú lójijì láìkùn rárá, tí iná sì dé ẹnu súìṣì rẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé fíúsì kékeré tó wà lábẹ́ kọ́ìlì ló ti já nítorí ooru. Àwọn oníṣẹ́ kan máa ń yọ ọ́ dànù, wọ́n á so wáyà pọ̀, fáànù á sì ṣiṣẹ́. Ẹ má gbà fún un. Fíúsì yẹn ló ń pa mọ́tò kí ó tó gbaná lẹ́gbẹ̀ẹ́ nẹ́ẹ̀tì yín. Kí ó fi òmíràn tí dígírì rẹ̀ dọ́gba sí i, tàbí kí ó tún kọ́ìlì wé.